Ìkìlọ̀ Àkọ́kọ́ Lórí YouTube: Bí Sitiráìkì Ṣe Ń Gorí Ara Wọn, Bí Wọ́n Ṣe Ń Kúrò, àti Ohun tí Wọ́n Ń Ṣe sí Owó Ẹni

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ní ìkànnì lórí YouTube ni kò ka Òfin Àwùjọ ilé-iṣẹ́ náà rí, títí di ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé sínú ímeèlì wọn pé a ti yọ fídíò wọn kan kúrò. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó sábà máa ń tẹ̀lé e. Ṣé ìkànnì mi ti parí nìyẹn? Ṣé owó mi ti lọ? Ṣé kí n tètè pa fídíò náà rẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè tán? Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, ohun tí onítọ̀hún bá ṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà náà ni yóò sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò parí síbẹ̀ tàbí yóò di gbèsè tí yóò máa tẹ̀lé e kiri fún oṣù púpọ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á mọ̀ ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìkìlọ̀ àti ìjìyà. Bí ìkànnì kan bá rú Òfin Àwùjọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ìkìlọ̀ ni ó sábà máa ń gbà. Wọn yóò yọ fídíò náà kúrò, ṣùgbọ́n wọn kò ní gba ẹ̀tọ́ kankan lọ́wọ́ ẹni náà. Bí ó bá tún rú òfin lẹ́yìn ìyẹn, nígbà náà ni ohun tí a ń kà lójú ẹ̀rọ bí “Community Guidelines strike” yóò dé, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní sitiráìkì. Sitiráìkì ni ìjìyà gan-an. Mẹ́ta nínú rẹ̀ láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, ìyẹn 90, sì tó láti mú ìkànnì kúrò pátápátá. Ètò yìí ti wà bẹ́ẹ̀ láti oṣù kejì ọdún 2019. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n sì ti fi ohun kan kún un, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì gbọ́, ìyẹn ni ẹ̀kọ́ kúkúrú tí ẹni tí ó gba ìkìlọ̀ lè ṣe kí ìkìlọ̀ náà lè kúrò lórí rẹ̀. A ó dé orí èyí láìpẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo obìnrin kan ní Ìbàdàn. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni a ní lọ́kàn, àpẹẹrẹ lásán ni. Ewé àti egbò ni ìyá yìí ń kọ́ àwọn ènìyàn lórí YouTube: bí a ṣe ń se àgbo ibà, ewé tí a ń fún ọmọ tí inú ń run, bí a ṣe ń mọ ewúro gidi yàtọ̀ sí ayédèrú. Ó ti ní ju ẹgbẹ̀rún kan alábàápín lọ, ó ti wọ ètò tí a ń pè ní YouTube Partner Program, owó ìpolówó sì ń wọlé fún un lóṣooṣù. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2025, ó gba ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Fídíò tí ó fà á ni èyí tí ó ti sọ pé àgbo kan báyìí máa ń wo àrùn jẹjẹrẹ ọmú sàn, àti pé kí obìnrin tí ó bá ní kókó lọ́mú má ṣe jẹ́ kí dókítà fi ọ̀bẹ kàn án.

Inú bí ìyá wa. Ó ní òun kò bú ẹnikẹ́ni, òun kò sì fi ìhòòhò hàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èébú àti ìhòòhò nìkan ni òfin náà kà léèwọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, YouTube kéde pé òun yóò máa yọ fídíò tí ó bá polongo ìwòsàn jẹjẹrẹ tí a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó léwu tàbí pé kò ṣiṣẹ́, àti èyí tí ó bá ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ oníṣègùn. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ṣe àlàyé kò jìnnà sí ilé wa rárá: ẹni tí ó bá sọ pé aáyù ń wo jẹjẹrẹ sàn, tàbí ẹni tí ó bá sọ pé kí aláìsàn máa lo fítámì C dípò ìtọ́jú onítànṣán. Nítorí náà, kì í ṣe àgbo ni ẹ̀ṣẹ̀ ìyá yìí. Àwọn fídíò rẹ̀ lórí àgbo ibà ọmọdé àti ewúro ṣì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Gbólóhùn méjì péré ni ó kó bá a: “ó ń wò ó sàn” àti “má lọ sọ́dọ̀ dókítà.”

A fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí ó ń gbé ẹ̀rí ìwòsàn jáde láti ilé ìjọsìn pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá dúró níwájú kámẹ́rà tí ó sọ pé Ọlọ́run wo òun sàn ń sọ ìtàn ara rẹ̀ ni. Bí ó bá fi kún un pé òun da oògùn jẹjẹrẹ òun nù, kí gbogbo ẹni tí ó ń gbọ́ sì ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní ìtàn, ó ti di ìmọ̀ràn fún aláìsàn. Lórí gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni fídíò wákàtí méjì lè tìtorí rẹ̀ kúrò. Ẹni tí ó ń gé fídíò fún ìjọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ èyí, ju ẹni tí ó ń wàásù lọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún un lẹ́yìn ìkìlọ̀ náà, kí ó sì tó yan ọ̀kan, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé lóòótọ́ ni mo rú òfin tí wọ́n dárúkọ, tàbí wọ́n ṣì mí gbọ́? Lẹ́tà náà máa ń sọ fídíò tí ọ̀ràn kàn àti apá òfin tí ó rú. Kí ó ka apá òfin náà tán, kí ó tó ronú ohun tí yóò ṣe. A ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń jà lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi kàn wọ́n, nítorí pé àkọlé lẹ́tà nìkan ni wọ́n kà.

Bí ó bá jẹ́ pé ó rú òfin náà lóòótọ́, ẹ̀kọ́ ìlànà ni ọ̀nà tí ó dára. Inú YouTube Studio ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀kọ́ náà kúrú, ó sì ní ìbéèrè tí ènìyàn yóò dáhùn lórí apá òfin tí ó rú. Bí ó bá ti parí ẹ̀kọ́ náà, ìkìlọ̀ yóò kúrò lẹ́yìn 90 ọjọ́. Ohun kan wà níbí tí ó yẹ kí á ṣàkíyèsí gidigidi. Ọjọ́ tí ó bá parí ẹ̀kọ́ ni a óò ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ 90 náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ìkìlọ̀ dé. Bí ìyá wa bá parí rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní, ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ni ìkìlọ̀ yóò kúrò. Bí ó bá fi í sílẹ̀ di ìparí oṣù kejì kí ó tó ṣe é, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sún ọjọ́ náà síwájú dé ìparí oṣù karùn-ún. Bí kò bá sì ṣe é rárá, ìkìlọ̀ náà kò ní ọjọ́ ìparí. Yóò jókòó sórí ìkànnì, àṣìṣe tí ó bá tẹ̀lé e yóò sì di sitiráìkì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kan ti kọjá láàárín wọn.

Láàárín ọjọ́ 90 lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, bí ó bá tún rú apá òfin kan náà, ìkìlọ̀ kò ní kúrò mọ́, sitiráìkì ni yóò sì gbà. Bí ó bá jẹ́ apá òfin mìíràn ni ó rú, ìkìlọ̀ mìíràn ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun ti rí ihò tí òun lè máa gbà sá títí. Ilé-iṣẹ́ náà ti sọ pé ẹni tí ó bá ń rú òfin léraléra lè má rí ẹ̀kọ́ náà gbà mọ́.

Bí ó bá sì dá a lójú pé wọ́n ṣì í gbọ́, kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni ọ̀nà kejì. Ọjọ́ 90 ni ó ní láti pe ẹjọ́ náà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìkìlọ̀ tàbí sitiráìkì dé. Yóò wọ inú YouTube Studio, yóò tẹ “Dashboard” ní apá òsì, yóò tẹ káàdì tí a kọ “Channel violations” sí, lẹ́yìn náà “Appeal”. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè pe ẹjọ́ lórí ọ̀ràn kan, nítorí náà kí ẹni tí inú ń bí má ṣe kọ ọ́ ní òru ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí a tọ́ka sí ibi tí ó wà nínú fídíò. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé, nínú fídíò mìíràn, ìyá wa sọ gbólóhùn náà pé “àwọn kan ń sọ pé aáyù ń wo jẹjẹrẹ,” lẹ́yìn náà ni ó sì sọ pé irọ́ ni, kí aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá yọ irú fídíò yìí, ó ní ẹjọ́ rere. Kí ó kọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ìṣẹ́jú tí gbólóhùn náà wà, ìṣẹ́jú tí ó ti tako ó, àti pé fídíò náà jẹ́ ti ìkọ́ni. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún fídíò ìkọ́ni, ìròyìn, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọnà, bí ìdí tí a fi gbé e jáde bá hàn kedere nínú fídíò náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn kọ ọ́ pé “mi ò ṣe nǹkan kan, ẹ ṣàánú mi” kò fún ẹni tí yóò tún un wò ní ohun kankan láti mú dání.

Bí wọ́n bá dá a láre, fídíò yóò padà, ìkìlọ̀ yóò sì kúrò. Nígbà mìíràn wọn yóò dá fídíò náà padà, ṣùgbọ́n wọn yóò fi òdiwọ̀n ọjọ́ orí sí i kí ọmọdé má lè wò ó. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, kò sí ẹjọ́ mìíràn lórí fídíò náà.

Ìyá wa kò ṣe ẹ̀kọ́, kò sì pe ẹjọ́. Fídíò náà ni ó bínú sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe nìyẹn, wọn a rò pé bí fídíò bá ti kúrò nílẹ̀, ọ̀ràn ti kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú. Pípa fídíò rẹ́ kì í mú ìkìlọ̀ tàbí sitiráìkì kúrò. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, wọ́n yọ fídíò rẹ̀ mìíràn lórí jẹjẹrẹ, èyí tí ó ti gbé jáde láti ọdún tí ó ṣáájú. Èyí ni sitiráìkì àkọ́kọ́. Fún ọ̀sẹ̀ kan, títí di ọjọ́ 10 oṣù kẹta, kò lè gbé fídíò tuntun sórí ìkànnì, kò lè ṣe ètò ojúkojú, kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ìkànnì rẹ̀, kò sì lè ṣe àkójọ fídíò tuntun. Àwọn fídíò mẹ́ta tí ó ti dá ọjọ́ fún pé kí wọ́n jáde láàárín ọ̀sẹ̀ náà di ohun ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà parí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn fídíò mẹ́ta náà kò jáde fúnra wọn. Òun ni ó ní láti tún ọjọ́ wọn dá. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí, tí wọ́n á máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ètò Ọjọ́ Àìkú kò fi jáde.

Níbi yìí ni ìṣirò ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù lọ. Ọ̀sẹ̀ kan ni ìdádúró, ṣùgbọ́n 90 ọjọ́ ni sitiráìkì fi ń wà láàyè. Sitiráìkì ti ọjọ́ 3 oṣù kẹta kò ní kúrò títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹfà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn ti tán ní ọjọ́ tí ó bá tún lè gbé fídíò jáde.

Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, sitiráìkì kejì dé. Nítorí pé ti àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè, ọ̀sẹ̀ méjì ni ìdádúró ní ọ̀tẹ̀ yìí, títí di ọjọ́ 3 oṣù kẹfà. Sitiráìkì kejì yìí ní 90 ọjọ́ tirẹ̀, tí yóò parí ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ. Kò fa ti àkọ́kọ́ gùn, ti àkọ́kọ́ kò sì fa tirẹ̀ kúrú. Olúkúlùkù ní àgogo tirẹ̀.

Ẹ wá wo ọjọ́ méjìlá tí ó wà láàárín ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún àti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà. Méjì ni ó wà láàyè lórí ìkànnì náà. Bí wọ́n bá rí fídíò kan péré sí i tí ó rú òfin ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, ó di mẹ́ta, ìkànnì náà yóò sì lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ni irú fídíò kan náà fa ìjìyà, ti oṣù kẹta ti kúrò. Èyí tí ó wà láàyè jẹ́ ti oṣù karùn-ún nìkan, tuntun náà yóò sì jẹ́ ìkejì: ìdádúró ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni, ọjọ́ mẹ́tàlá ni ó wà láàárín wọn. Ọ̀kan pa ìkànnì, èkejì dá a dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ẹni tí ó ti ní sitiráìkì pé kí ó kọ ọjọ́ tí yóò parí sára kàlẹ́ńdà ilé rẹ̀, kí ó má fi sínú orí.

Bí apá òfin tí a rú bá yàtọ̀ síra, wọ́n ṣì ń pọ̀ mọ́ra. Sitiráìkì lórí ọ̀rọ̀ ìlera àti èyí tí ó wá lórí ọ̀rọ̀ ìkórìíra, inú àpò kan náà ni wọ́n ń lọ. Èyí tí kò sí nínú àpò náà ni sitiráìkì ti ẹ̀tọ́ oníǹkan, bí àpẹẹrẹ orin olórin tí a lò láìgba àṣẹ. Ìyẹn náà ní ìṣirò mẹ́ta tirẹ̀, a kì í sì í pò ó mọ́ ti Òfin Àwùjọ. Ẹni tí ó ní méjì níbí àti ọ̀kan lọ́hùn-ún kò tíì pé mẹ́ta níbi kankan.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ìkìlọ̀ nìkan kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yàtọ̀ sí owó tí fídíò tí wọ́n yọ kúrò ì bá máa pa. Nígbà ìdádúró ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì pẹ̀lú, fídíò ni a kò lè gbé jáde. Àwọn fídíò àtijọ́ tí ó wà nílẹ̀ ṣì ń fi ìpolówó hàn, àwọn ènìyàn ṣì ń wò wọ́n. Ìyá wa kò rí i kí owó rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta. Ohun tí ó rí ni pé owó oṣù náà kéré, nítorí pé fídíò tuntun ni àwọn olùwòran rẹ̀ máa ń wò jù, kò sì sí tuntun fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọ̀sẹ̀ méjì ti oṣù karùn-ún sì tún dùn ún ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹni tí kò tíì wọ ètò owó náà ni sitiráìkì ń ká mọ́ jù. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń béèrè kí ènìyàn tó lè forúkọ sílẹ̀ nínú YouTube Partner Program ni pé kí sitiráìkì Òfin Àwùjọ kankan má ṣe wà láàyè lórí ìkànnì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹgbẹ̀rún kan alábàápín àti wákàtí ìwòran 4,000 láàárín oṣù méjìlá, tí sitiráìkì kan sì wà lórí rẹ̀, yóò dúró di ìgbà tí 90 ọjọ́ bá pé. Bí ó ti ń dúró bẹ́ẹ̀, wákàtí ìwòran rẹ̀ ń gbó lọ, nítorí pé ti oṣù méjìlá tí ó kọjá nìkan ni a ń kà. Fídíò tí kò sí ní gbangba mọ́ kì í sì í sí lára ìṣirò náà. Bí fídíò tí wọ́n yọ bá jẹ́ èyí tí ó kó ìdajì wákàtí rẹ̀ jọ, ó lè bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdiwọ̀n náà kí sitiráìkì tó kúrò. Ìkìlọ̀ kì í ṣe sitiráìkì ní tirẹ̀. Kò di ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́.

Ibi tí owó ti ń lọ pátápátá ni sitiráìkì kẹta. Ìkànnì yóò kúrò pẹ̀lú gbogbo fídíò rẹ̀, ètò owó yóò sì parí. Owó tí wọn kò tíì san, ilé-iṣẹ́ náà lè dá a dúró, ó sì lè dá a padà fún àwọn tí ó san owó ìpolówó. Ẹni tí ó ń jẹ́ kí owó rẹ̀ máa gbè sí i nínú AdSense nítorí pé kò tíì tó 100 dọ́là tí wọ́n ń san ni ó yẹ kí èyí dùn jù.

A tún máa ń gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa pe àmì dọ́là aláwọ̀ ìyeyè ní sitiráìkì. Kì í ṣe òun. Àmì náà ń sọ pé àwọn olùpolówó kan kò ní fẹ́ kí ọjà wọn hàn lára fídíò náà, nítorí náà owó rẹ̀ yóò kéré. Fídíò náà kò rú Òfin Àwùjọ, ìkànnì kò sì gba àmì ìjìyà kankan. Òfin mìíràn ni, ẹjọ́ mìíràn ni. Fídíò ìròyìn nípa ogun, fún àpẹẹrẹ, lè ní àmì yìí títí ayé kí ó má sì pa ìkànnì lára.

Kí ni ó yẹ kí ìyá wa ti ṣe ní oṣù kìíní? Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tàbí ẹjọ́, iṣẹ́ tí ó kù ni kí ó jókòó ti àwọn fídíò àtijọ́. Rántí pé fídíò ọdún tí ó kọjá ni ó mú sitiráìkì àkọ́kọ́ wá. Kí ó wo gbogbo èyí tí ó sọ̀rọ̀ lórí jẹjẹrẹ, nítorí pé lórí apá òfin tí ó ti gba ìkìlọ̀ ni ewu wà. Kò yẹ kí ó wo ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Àkọlé fídíò, àwòrán ojú rẹ̀, àlàyé ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti ìjápọ̀ tí ó darí ènìyàn sí ibòmíràn, gbogbo wọn ni òfin náà ń kà. Fídíò tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́ tí àkọlé rẹ̀ sì jẹ́ “Àgbo tó ń pa jẹjẹrẹ ní ọjọ́ méje” kò bọ́. Kí ó má sì rò pé sísọ fídíò di ìkọ̀kọ̀ ń gbà á sílẹ̀, torí pé òfin náà kan fídíò ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú. Èyí tí ó bá burú, kí ó pa á rẹ́ kí wọ́n tó rí i. Pípa á rẹ́ ṣáájú yàtọ̀ pátápátá sí pípa á rẹ́ lẹ́yìn tí ìjìyà ti dé.

Bí ẹlòmíràn bá ń bá a gbé fídíò jáde, bóyá ọmọ rẹ̀ tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń gé fídíò fún un, kí ó fi lẹ́tà ìkìlọ̀ náà hàn án. Kí ó sì rí i dájú pé ímeèlì tí ìkànnì náà ń lò ni ẹnì kan ń ṣí wò. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ni a ṣí pẹ̀lú ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kò wò mọ́ láti ọdún mẹ́ta. Lẹ́tà ìkìlọ̀ á wà níbẹ̀, ọjọ́ 90 ẹjọ́ á sì kọjá lọ.

Ohun kan tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó lọ ṣí ìkànnì mìíràn nígbà ìdádúró, tàbí kí ó máa fi ìkànnì ọmọ rẹ̀ gbé fídíò jáde kí àwọn olùwòran má bàa gbàgbé rẹ̀. Yíyí òfin po ni wọ́n ń pe èyí, ó sì lè mú kí wọ́n ti ìkànnì náà pa láìdúró de sitiráìkì kẹta.

Àwọn ọ̀ràn kan sì wà tí kì í dúró de ìṣirò yìí rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí ó bá wúwo, tàbí ìkànnì tí a kà sí pé ìwà rúrú òfin ni ó fi ń ṣe iṣẹ́, lè lọ láìsí ìkìlọ̀. Ìkànnì ńlá pàápàá kò yọ sílẹ̀: ní oṣù kẹrin ọdún 2021, YouTube ti ìkànnì wòlíì T. B. Joshua, ọmọ Àrìgìdì Àkókó, pa lórí òfin ọ̀rọ̀ ìkórìíra, nígbà tí àwọn alábàápín rẹ̀ ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹni tí wọ́n bá ti ìkànnì rẹ̀ pa ní ọdún kan láti pe ẹjọ́. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, YouTube ti ń dán ètò kan wò tí àwọn kan nínú àwọn tí ìkànnì wọn ti lọ fi lè béèrè fún ìkànnì tuntun lẹ́yìn tí ọdún kan bá ti kọjá. Ìkànnì tuntun ni o, kì í ṣe ti àtijọ́. Àwọn alábàápín kò ní bá a wá, ẹni náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ètò owó láti orí òdo.